Ọwọ́ Tí Kì í Wo Kíbọ́ọ̀dù

Ẹ̀gbọ́n mi kì í wo ọwọ́ rẹ̀ bó bá ń tẹ̀wé. Nígbà tó ń kọ́ iṣẹ́ atẹ̀wé, aṣọ ni ọ̀gá wọn máa ń dà bo ọwọ́ wọn, ẹni tó bá yọjú wo ìka á sì fi orí gba rúlà. Ẹ̀kọ́ yẹn wọ̀ ọ́ lára títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ló máa ń wò, ìka rẹ̀ á máa sáré nísàlẹ̀ bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù.

Nígbà tí jẹjẹrẹ wọ gògóńgò rẹ̀, tí wọ́n sì gé e kúrò, ìka yẹn ló di ahọ́n rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, kò lè di bírò mú mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń rí ọ̀nà lórí kíbọ́ọ̀dù. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣe tíṣà, ra kọ̀ǹpútà alágbèéká kan fún un, àlòkù ni, ó gbé e ka tábìlì tó dábùú bẹ́ẹ̀dì. Òun á tẹ̀, àwa á kà. Ojú òun fúnra rẹ̀ ti ṣú, kò lè ka lẹ́tà ojú ẹ̀rọ. Ohun tó bá ti ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, ó gbà pé a ti gbọ́ nìyẹn.

Ibi tí mo jókòó sí lónìí jìnnà sí yàrá yẹn gan-an, ṣùgbọ́n mo ṣì ń gbọ́ ìró bọ́tìnì wọ̀nyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá ọmọ náà nínú ilé ìdáná, ó fara ti ògiri.

“Bàbá Kékeré, ọpọlọ Bàbá ti ń lọ.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ẹ lọ wò ó fúnra yín. Ìsọkúsọ ni wọ́n ń tẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Dókítà ní nǹkan yẹn ti tún hù, àfi kí wọ́n tún un là. Ó ní bí Bàbá ò bá mọ ohun tí wọ́n ń sọ mọ́, èmi ni màá fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ. Ọ̀la ló ń bọ̀.”

“Ṣé ìwọ fẹ́ kí wọ́n là á?”

“Ẹ̀yin náà! Ṣé kí n máa wo bàbá mi títí tí yóò fi kú ni?”

Mo wọ yàrá. Ẹ̀gbọ́n mi rí mi, ojú rẹ̀ là, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Ohun tó jáde rèé:

E ?Q Q ?I ?

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo mi orí bí ẹni tó gbọ́. Ó tẹjú mọ́ mi, ó sì dáwọ́ dúró. A kì í fi ẹ̀rín lásán tan ẹni tó ti ń wo ojú èèyàn láti ìgbà èwe rẹ̀ dé. Ó tún un tẹ̀. Ohun kan náà gan-an ló tún jáde. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, kò yẹ̀ rárá.

Ìyẹn ló ta mí jí. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ dàrú kì í sọ ìsọkúsọ kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìfi ohunkóhun kún un. Mo pe atúnkọ̀ǹpútàṣe àdúgbò wa, tí a ń pè ní Dókítà Wáyà. Onífáàrí ni, tó máa ń wọ bàtà dídán wá tú ẹ̀rọ.

“Ẹ kú ìnira, Bàbá,” ló wí fún ẹ̀gbọ́n mi. “Ẹ̀rọ ló ń ṣàìsàn, ẹ̀yin ni wọ́n ń fún lóògùn!”

Ẹ̀gbọ́n mi mi èjìká. Bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí ohùn rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Dókítà Wáyà fi ìka kan tẹ àwọn bọ́tìnì lọ́kọ̀ọ̀kan. A di Q. M di àmì ìbéèrè. O àti L kò kọ nǹkan kan, àmì ìdánudúró náà kò kọ. Ó yọ kíbọ́ọ̀dù mìíràn jáde nínú àpò, ó fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó sì tún tẹ A. Q ló tún kọ. Ó tẹ O. O jáde.

“Ṣé ẹ rí i,” ló wí. “Àìsàn méjì ló wọnú ara wọn. Kíbọ́ọ̀dù tuntun náà ń pe A ní Q, a jẹ́ pé ẹjọ́ kíbọ́ọ̀dù kọ́ nìyẹn. Inú ẹ̀rọ ni wọ́n ti yí i sí ìtò lẹ́tà àwọn Faransé, tí Q wà ní ipò A, tí àmì ìbéèrè sì wà ní ipò M. Ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ló fi síbẹ̀, ọwọ́ Bàbá ló ṣèèṣì tẹ bọ́tìnì méjì pọ̀ tó fi bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n tuntun kọ O, tàtijọ́ ò kọ ọ́. Tàtijọ́ ló bà jẹ́ níbẹ̀ yẹn. Kí lẹ dà sí i?”

“Oògùn ikọ́,” ni ọmọ náà wí, ó fà sẹ́yìn. “Mo nù ún.”

“Ẹ nu òkè, Àǹtí. Ó ti wọ abẹ́.”

“Lẹ́tà ńlá tó ń kọ ńkọ́?” ni mo bi í.

“Ẹ̀kẹta nìyẹn. Bí ọwọ́ tó ń gbọ̀n bá tẹ Ṣífìtì lẹ́ẹ̀marùn-ún léraléra, ẹ̀rọ á béèrè bóyá kí òun máa bá èèyàn dì í mú. Àwọn tí kò lè tẹ bọ́tìnì méjì pọ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Bàbá ò rí ìbéèrè náà kà, wọ́n kàn tẹ Ẹ́ńtà.”

Ó pa ètò yẹn, ó dá ìtò lẹ́tà padà. Ó ṣí bọ́tìnì L, ó fi òwú tó rẹ sínú sípírítì nu abẹ́ rẹ̀, L sì sọ̀rọ̀. Omi oògùn ló dì í mú. O àti àmì ìdánudúró kò jí. Ó ní wọ́n ti kú, kí a máa lo kíbọ́ọ̀dù oníwáyà, ó sì gbé e síwájú ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ìka wá àmì kékeré tó ta yọ lórí F àti J, ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ó tẹ̀:

e ma la mi mo

Ẹ má là mí mọ́. Ohun tó tẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta nìyẹn. Dókítà Wáyà palẹ̀ irin iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ó bọ́ síta láìkí ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí dókítà ilé ìwòsàn dé lọ́jọ́ kejì, ó bi ẹ̀gbọ́n mi ní orúkọ rẹ̀, oṣù tí a wà, iṣẹ́ tó ṣe. Gbogbo rẹ̀ ló dáhùn. Ó bi í bóyá ó mọ̀ pé ikú ni bí wọn kò bá là á. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ ẹ́ pé òun mọ̀, pé òun ti rí ti àkọ́kọ́, pé ilé òun ni òun fẹ́ wà. Dókítà ká ìwé tí ọmọ náà ìbá fọwọ́ sí, ó sì fi í sápò.

Ní ẹnu ọ̀nà, ọmọ náà yíjú sí mi. “Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Kékeré. Ẹ tún kíbọ́ọ̀dù ṣe, ẹ sì bá mi pa bàbá mi.”

Ó pẹ́ kó tó tún kí mi.

Òun fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pe Dókítà Wáyà lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti rù kan egungun. Mo bá wọn lórí kọ̀ǹpútà náà. Lẹ́tà kún ojú rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó ṣeé kà, kò sì sí ìlà kan tó jọ èkejì.

“Ó ti tún yí sí ti Faransé,” ni ọmọ náà ń wí. “Àbí ohun tó ń di Ṣífìtì mú yẹn ni.”

Dókítà Wáyà tẹ A. A ni. Ó tẹ O. O ni. Ó yẹ ètò wò, ó pààrọ̀ kíbọ́ọ̀dù, ó ní kí ọmọ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ orúkọ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ jáde gééré.

“Àǹtí,” ló wí jẹ́jẹ́, “ẹ̀rọ yìí ò ṣe nǹkan kan.”

“Tún un wò.”

Ó tún un wò. Ó dá kíbọ́ọ̀dù padà síwájú ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ìka rẹ̀ ń sáré. Ọmọ rẹ̀ jókòó tì í, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó mi orí.

“A ti gbọ́, Bàbá.”

Lọ́tẹ̀ yìí, kò dáwọ́ dúró.