Dẹ́kìn Ọjọ́ Kẹrìndínlógún

Àǹtí Wákàtí ni àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń pè mí, kò sì dùn mọ́ mi rí. Èmi ni mò ń ṣe ìṣirò fún ilé-iṣẹ́ akọ́lé kan. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni fọ́máànù àwọn káfíńtà máa ń fi ìwé wákàtí ránṣẹ́ sí mi: ẹni tó wá síṣẹ́, iye wákàtí tó lò, ohun tó ṣe, àti ìpele ilé tó ṣe é fún. Bí mo bá rí ohun tó wọ́ níbẹ̀, mo máa dá a padà ni. "Wákàtí tí ẹ ò bá lò, ẹ má kọ ọ́!" Orin mi nìyẹn. Ẹ wá jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ojú tó tì mí: èmi tí mò ń pariwo yẹn, irọ́ tèmi ló tóbi jù.

Oníbàárà tí a ń kọ́ ilé fún kì í san owó lóṣooṣù. Ìpele-ìpele ló ń san án. Bí ìpìlẹ̀ bá parí, yóò san ti ìpìlẹ̀. Bí ògiri bá dúró, yóò san ti ògiri. Ìpele kẹta ni dẹ́kìn àkọ́kọ́, ìyẹn kọnkéré tí wọ́n máa ń dà sórí ògiri kí wọ́n tó gun òkè. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà ní dídà kí a tó béèrè owó, kì í ṣe ìlàjì. Ilé yìí sì tóbi, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fẹ́ da dẹ́kìn rẹ̀. Wọ́n da apá kìíní ní ọjọ́ kẹta oṣù. Òjò ò jẹ́ kí wọ́n lè da apá kejì.

Ní ọjọ́ karùn-ún, Ọ̀gá wá dúró síwájú tábìlì mi.

"Gba owó ìpele kẹta."

"Ọ̀gá, ìlàjì ṣì kù."

"Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa dà á. Owó oṣù àwọn ọmọ iṣẹ́ ńkọ́? Ṣé ẹnikẹ́ni máa kú sí i ni?"

Ẹni tó ń bá oníbàárà yẹ iṣẹ́ wò wà lókè òkun. Wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, fọ́tò apá tó ti parí nìkan, ó sì fọwọ́ sí i. Èmi ni mo kọ ìwé owó náà. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìpele kẹta parí ní ọjọ́ kẹta.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún ni wọ́n tó da apá kejì. Nígbà tí ìwé wákàtí ọ̀sẹ̀ yẹn dé ọwọ́ mi, ọ̀ràn dé. Bí mo bá tẹ ọjọ́ kẹrìndínlógún sínú kọ̀ǹpútà, á hàn pé a ṣì ń ná owó sórí ìpele tí a ti ní ó parí láti ọjọ́ kẹta, àwọn oníṣirò oníbàárà sì lè béèrè ìwé wa nígbàkígbà. Ni mo bá kó gbogbo wákàtí náà, mo tẹ̀ wọ́n sí ọjọ́ kẹta. Ìṣirò gún régé. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo lọ jẹun.

Bó ṣe rí títí di àárọ̀ ọjọ́ kẹrìnlélógún nìyẹn. Mò ń múra ìwé owó ìpele kẹrin, mo wá fa fáìlì ìwé wákàtí jáde láti fi ṣàyẹ̀wò. Bí mo ṣe ń ṣí i, mo rí ìkọ̀wé fọ́máànù, gàdàgbà-gadagba bí ìgbà tó ń fi èédú kọ ọ́ sára pákó: *Ọjọ́ kẹrìndínlógún. Kọnkéré apá kejì. Gbogbo ẹgbẹ́.* Mo fẹ́ ṣí i kọjá. Mo tún padà sí i.

Ẹnjiníà tuntun ló sọ sí mi lọ́kàn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ẹnjiníà àtijọ́ bínú fiṣẹ́ sílẹ̀, ó sì gbé ìwé ojoojúmọ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tuntun yìí wá kọ̀wé sí mi: *Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọjọ́ wo la da dẹ́kìn yìí?* Mò ń bá ẹni tó ń ta búlọ́ọ̀kù fún wa jà lórí fóònù nígbà yẹn. Mo yọjú wo kọ̀ǹpútà, mo tẹ èsì fún un: *Ọjọ́ kẹta.* Mi ò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Òfin ilé-iṣẹ́ wa ni pé dẹ́kìn gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ mọ́kànlélógún kí àwọn káfíńtà tó yọ àwọn igi tí wọ́n fi gbé e ró. Bí èèyàn bá kà á láti ọjọ́ kẹta, òní ló pé. Bó bá kà á láti ọjọ́ kẹrìndínlógún, ọjọ́ mẹ́jọ péré ni. Búlọ́ọ̀kù tí mo sì ń bá ọkùnrin yẹn jà lé lórí, ó ti gbé e wá ní ọjọ́ Ajé. Ìwé tí a fi gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ wà níwájú mi: ẹgbẹ̀rún kan, wọ́n tò ó sórí dẹ́kìn.

Yéè! Àbúrò mi wà lábẹ́ ẹ̀.

Kíákíá là ń pe àbúrò mi, torí kò sí ohun kan tó ṣe kíákíá rí láyé ẹ̀. Èmi ni mo bẹ fọ́máànù títí ó fi gbà á sínú ẹgbẹ́ káfíńtà. Ìyá wa ní, "Mo fà á lé ọ lọ́wọ́ o." Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Mo pe ẹnjiníà, kò gbé e. Mo pe fọ́máànù, mo pe Kíákíá, mo tún un pè, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé inú àpótí ẹnu géètì ni fóònù gbogbo wọn máa ń wà títí wọn á fi ṣíwọ́. Mo wá pe Ọ̀gá. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un.

"Má pariwo," ló wí. "Bó o bá lọ síbẹ̀ lọ pariwo ọjọ́ kẹrìndínlógún, oníbàárà máa béèrè ohun tí a gba owó lé lórí lọ́jọ́ karùn-ún. Jókòó jẹ́ẹ́. Mò ń bọ̀, èmi náà á fọgbọ́n dá wọn dúró."

"Ọ̀gá, ìgbà wo lẹ máa dé?"

"Kò ní ju wákàtí kan lọ."

Wákàtí kan kẹ̀! Mo gbé fáìlì há abíyá, mo bọ́ sójú títì láìmú báàgì. Mo wọ takisí. Mo ń sọ fún awakọ̀ pé "ẹ sáré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré," ó ní ṣé ilé ń jó ni. Mo ń ka àwọn orúkọ inú ìwé yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń gbàdúrà. Èèyàn méjìlá.

Láti ẹnu géètì ni mo ti ń gbọ́ òòlù, gbì, gbì, gbì. Wọ́n ti ń yọ igi.

"Ẹ dúró!" Ohùn mi ò jọ tèmi mọ́. "Ẹ jáde! Ẹ jáde lábẹ́ ẹ̀!"

Fọ́máànù yọ sí mi, eruku bò ó látorí dé ẹsẹ̀. Àgbàlagbà ni, ó sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Àǹtí Wákàtí! Ṣé a tún ṣi ìwé kọ ni?"

Mo ṣí fáìlì, mo na ìkọ̀wé òun fúnra ẹ̀ sí i. Ó wò ó. Ẹ̀rín kúrò lójú ẹ̀.

"Mo sọ ọ́," ó rọra wí. "Mo sọ fún ẹnjiníà pé ó dà bíi pé apá kejì yìí ò tíì pé. Ó ní ìwé ọ́fíìsì sọ pé ó ti pé. Mo wá ní bóyá èmi ni mò ń darúgbó."

Ó fọn fèrè ọrùn ẹ̀. Òòlù dákẹ́. Wọ́n ń jáde ní méjì-méjì, wọ́n ń kùn. Mo já ìwé àárọ̀ tí wọ́n ń fọwọ́ sí bí wọ́n bá dé gbà lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ géètì, mo ń pe orúkọ méjìlá inú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mọ́kànlá ló dáhùn. Mo tún un kà. Mọ́kànlá náà ni.

Orúkọ Kíákíá wà níbẹ̀. Aago méje, ó fọwọ́ sí i.

"Kíákíá dà?" Mo yẹ ojú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. "Mo ní àbúrò mi dà?"

Ọ̀kan nínú wọn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan, ń wolẹ̀. Mo rí i pé ó ń wolẹ̀. Mo rò pé ẹ̀rù ló ń bà á bó ṣe ń bà mí.

Mo kọrí sí abẹ́ dẹ́kìn. Fọ́máànù fà mí lápá, ó tì mí sẹ́yìn. "Ìwọ ò mọ ibi tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ níbẹ̀. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n." Ó bẹ̀rẹ̀, ó wọlé, ó ń pe àbúrò mi. A ń gbọ́ ohùn ẹ̀, ó ń jìnnà sí i. "Kíákíá! Ṣé oorun lò ń sùn síbẹ̀ yẹn?"

Dẹ́kìn náà wá dún. Kì í ṣe ariwo ńlá. Ó kàn dún kẹ̀ẹ̀, bí ìlẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí. Ìyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ já bọ́.

Ọ̀rẹ́ Kíákíá bú sẹ́kún. "Kò sí níbẹ̀! Bàbá, ẹ jáde! Kò tíì dé! Èmi ni mo bá a fọwọ́ sí i!"

A gbọ́ tí ẹsẹ̀ fọ́máànù yípo. A rí orí ẹ̀, a rí èjìká ẹ̀. Apá kejì bá wó. Búlọ́ọ̀kù ń já bọ́, eruku bò wá, mi ò rí ọwọ́ ara mi mọ́. Ṣe ni mò ń pariwo, "Mo gbé o! Mo gbé!" títí wọ́n fi wọ́ ọ jáde. Ẹ̀mí ẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀ ni mi ò lè wò.

Ibẹ̀ ni Kíákíá ti gba ẹnu géètì wọlé, aṣọ iṣẹ́ léjìká, ó ń nu ojú oorun. Mo gbá a létí. Mo tún dì mọ́ ọn, mo ń sunkún sí i lọ́rùn bí ọmọdé. Ó ń béèrè pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀? Àǹtí mi, kí ni mo ṣe?"

Mo yíjú sí ọ̀rẹ́ ẹ̀. "Kí ló dé tó ò tètè sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀yin ni," ó ní. "Ẹ ti ní ẹni tó bá kọ wákàtí tí kò lò, ẹ máa lé e lọ."

Ọkọ̀ aláìsàn àti Ọ̀gá jọ dé lẹ́ẹ̀kan náà ni. Ọ̀gá wo ilẹ̀, ó wò mí, ó ní kí n gbé fáìlì yẹn fún òun ná. Mo ní rárá. Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan, mo mú bírò, mo kọ ọ́ sí abẹ́ ìwé tí fọ́máànù kọ, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀: ọjọ́ tí a da dẹ́kìn, ọjọ́ tí mo tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ẹni tó ní kí n gba owó, àti pé èmi ni mo gbà á. Mo fọwọ́ sí i. Mo yí sí ìwé àárọ̀, mo fa ìlà gba orúkọ àbúrò mi kọjá.

Wọ́n ti ń gbé fọ́máànù wọnú ọkọ̀ nígbà tó nawọ́ sí mi. Mo sáré lọ bá a.

"Ọmọ yẹn ńkọ́?"

"Kò sí níbẹ̀ rárá, bàbá. Ilé ló wà, ó ń sùn."

Ó di ojú. "Ìwé ní ó wà níbẹ̀," ló wí.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Ìwé ló ní bẹ́ẹ̀."