Àwọn Álátì tí Adéníkẹ́ Kò Ṣí

Fóònù Adéníkẹ́ tún dún, ó sì tún ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó gbé e kúrò lórí tábìlì, ó tì í bọ abẹ́ páálí síìpù, ó wá fi ìgbọ̀nwọ́ lé páálí náà, àfi bí ẹni pé nǹkan alààyè kan fẹ́ yọ jáde níbẹ̀.

Ní Jankara, ní ọwọ́ ibi tí wọ́n ti ń ta òwú àti bọ́tìnì, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ẹ̀rù fóònù ń bà á. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ìwé mẹ́fà ló kà mọ. Ó lè ka Gẹ̀ẹ́sì o, bí wọ́n bá fún un láyè, bí ó bá fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí kò lè ṣe ni kí ó kà á nígbà tí àyà rẹ̀ bá ń já.

“Ìyá Ìyìn, fóònù ẹ mà ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú.” Àlímọ̀t ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀. “Àbí ọkọ tuntun ni?”

“Báǹkì ni. Mi ò wò ó.”

“O káre. Má wò ó. Èmi tí mo wò ó, ṣé o ò rí ibi tó gbé mi dé?”

Gbogbo ọjà ló rí ibi tó gbé e dé. Oṣù tó kọjá ni mẹ́sééjì kan wọlé sórí fóònù Àlímọ̀t, pé báǹkì fẹ́ ti àkáǹtì rẹ̀, kí ó tẹ líǹkì ìsàlẹ̀ yìí kíákíá. Ó tẹ̀ ẹ́. Ojú ìwé tó ṣí jọ ti báǹkì délẹ̀délẹ̀, àwọ̀ wọn ni, àmì wọn ni. Ó kó nọ́ńbà káàdì rẹ̀ sí i, ó kó píìnì sí i, ó sì tún kó nọ́ńbà mẹ́fà tí báǹkì fi ránṣẹ́ sí i lẹ́yìn náà sí i. Kí ó tó fi aṣọ nu ojú, owó ọjà rẹ̀ ti lọ. Láti ọjọ́ náà ló ti ṣòfin fún gbogbo wọn: bí ẹ bá rí orúkọ báǹkì lórí fóònù, ẹ má ṣí i.

Adéníkẹ́ pa òfin náà mọ́ ju ẹni tó ṣe é lọ. Owó tó wà ní àkáǹtì rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ti Títílayọ̀ ni, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà. Ẹ̀jẹ̀ kò dá lára Títílayọ̀ láti oṣù mẹ́ta. Kókó wà nínú ilé ọmọ rẹ̀, wọ́n sì ní àfi kí àwọn fi iṣẹ́ abẹ yọ ọ́ jáde. Ní àárọ̀ ọ̀la, Wẹ́sídeè, ni dókítà yóò ṣe é. Irinwó ẹgbẹ̀rún náírà ni ilé ìwòsàn ń gbà, wọ́n sì ti ní kí wọ́n san án kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí, nítorí dókítà náà ń rìnrìn àjò lẹ́yìn ọ̀la, yóò sì pẹ́ kí ó tó dé. Ìjẹ̀bú dá owó, Èkó dá, ìjọ dá, gbogbo rẹ̀ sì wọ àkáǹtì Adéníkẹ́ nítorí pé òun ni àgbà. Irinwó lé ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún. Ó fẹ́ ta ọjà díẹ̀ sí i ná, kí ó tó lọ fi ránṣẹ́ ní nǹkan bí aago méjì.

Ó wá di ọ̀sán. Oníbàárà kan ń béèrè bọ́tìnì dúdú, Adéníkẹ́ sì gbé páálí kúrò. Fóònù tàn wàà sí i lójú. Kò fẹ́ wò ó, ojú rẹ̀ ló wò ó. Ó rí ọ̀rọ̀ kan tó mọ̀: wọ́n fẹ́ ti nǹkan. Ó fi ìka sábẹ́ rẹ̀, ó kà á, ó tún un kà. Pé wọ́n yóò ti àkáǹtì rẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, pé bí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó tẹ ibí yìí.

Ó gbàgbé oníbàárà náà.

“Àlímọ̀t, wọ́n fẹ́ tì í. Wọ́n fẹ́ ti owó Títí mọ́lẹ̀.”

“Irọ́ ni! Pa á rẹ́!”

“Bí kì í bá ṣe irọ́ ńkọ́? Orúkọ báǹkì ló wà lókè rẹ̀. Ibi tí tiwọn máa ń wà gan-an ló wà.”

Adéníkẹ́ ti na àtàǹpàkò sí orí líǹkì náà. Ó kù bí irun orí. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mélòó ló ti lọ nínú rẹ̀? Ó ká ọwọ́ kúrò, ó fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún Àlímọ̀t, ó sì gbọ̀nà ọ̀dọ̀ Bọ́lájí oní-POS, tó jókòó sábẹ́ agboòrùn ní ẹ̀bá ọ̀nà. Ó di fóònù náà mú jìnnà sí ara rẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹja tútù.

Bọ́lájí kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún, ṣùgbọ́n ojúmọ́ kan kò lè mọ́ kí ó má ka àádọ́ta álátì tí báǹkì fi ń kéde owó tó wọlé tàbí tó jáde. Bí ó bá ṣìnà lórí ọ̀kan péré, owó ara rẹ̀ ló ń san.

“Ìyá Ìyìn, ẹ kú ọjà o. Kí ló dé tí ẹ ń mí bí ẹni tó sáré?”

“Bọ́lájí, bá mi wò ó. Má tẹ nǹkan kan o!”

“Ta ló fẹ́ tẹ̀ ẹ́?” Ó gba fóònù, ó wo mẹ́sééjì náà, ó ṣe “ṣíọ̀”. “Yàhúù ni. Ẹ fọkàn balẹ̀.”

“Báwo lo ṣe mọ̀? Orúkọ wọn ńkọ́?”

“Orúkọ kì í ṣe nǹkan kan, Mà. Wọ́n ń jí orúkọ báǹkì lò. Tí wọ́n bá ti jí i lò, fóònù ò mọ̀, á kó o sáàárín àwọn ti báǹkì gan-an. Ẹ wo inú rẹ̀. Nọ́ńbà àkáǹtì yín dà? Wọn ò kọ èyíkéyìí. Èló ló kúrò? Wọn ò sọ. Èló ló kù? Wọn ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà kíákíá-kíákíá nìkan ni wọ́n mọ̀, àti líǹkì. Ẹ tún wo líǹkì yẹn, ṣé ó jọ àdírẹ́sì báǹkì kankan? Wọ́n kàn kó lẹ́tà jọ ni.”

“Bí wọ́n bá kọ nọ́ńbà àkáǹtì mi sí i ńkọ́?”

“Ẹ má tíì gbà wọ́n gbọ́. Àwọn míì gbọ́n. Álátì gidi, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ló ń wá sọ fún yín: owó báyìí jáde, owó báyìí ló kù. Kò ní kí ẹ tẹ nǹkan kan, kò ní kí ẹ mú píìnì wá. Tí ọ̀kan bá rú yín lójú, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ fi SIM yín pe nọ́ńbà oníràwọ̀ ti báǹkì, kí ẹ fi ojú ara yín wo ohun tó kù. Tàbí kí ẹ pe nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì. Kì í ṣe nọ́ńbà tó bá wà nínú mẹ́sééjì o.”

Adéníkẹ́ fi ìdí lélẹ̀ lórí àga oníke. Omi ojú fẹ́ bọ́, ẹ̀rín náà fẹ́ bọ́. “Olúwa ṣeun. Mo ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́ o, Bọ́lájí. Ó kù díẹ̀.”

“Ẹ ò tẹ̀ ẹ́ ṣá. Ẹ jẹ́ kí n fi ti gidi hàn yín, kí ẹ lè mọ ìyàtọ̀.” Bọ́lájí fi ìka yí i sókè. “Bí àpẹẹrẹ, èyí. Ẹ rí i? Ìràwọ̀, ìràwọ̀, lẹ́yìn náà mẹ́ta, ọ̀kan, mẹ́jọ. Ṣé òun ló parí nọ́ńbà àkáǹtì yín?”

“Òun ni.”

“Àná, aago mẹ́fà kọjá ogójì ìṣẹ́jú, ogójì ẹgbẹ̀rún jáde lára mọ́ṣìnnì ATM. Èyí tó kù… líǹkì ò sí níbẹ̀. Kò bẹ̀ yín ní nǹkan kan. Ti gidi nìyẹn.” Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Ìyá Ìyìn. Ẹ̀yin lẹ gba ogójì ẹgbẹ̀rún lánàá?”

“Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni mo gbà. Lọ́sàn-án. Ní Tinúbú, fún àyẹ̀wò Títí.”

Bọ́lájí yí i lọ sísàlẹ̀. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ yìí: ọgọ́sàn-án ẹgbẹ̀rún, lórí POS kan ní Ìkẹjà. Aago mọ́kànlá kọjá: igba ẹgbẹ̀rún. Mẹ́ta ni wọ́n, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí rí.

“Káàdì yín dà?”

Adéníkẹ́ tú aṣọ ìdí rẹ̀, ó yọ àpò kékeré jáde, ó sì fún un ní káàdì. Àwọ̀ rẹ̀ ni, báǹkì rẹ̀ ni. Bọ́lájí kà á sókè: “Gregory… Ìyá Ìyìn, ta ni Gregory?”

Ìgbà yẹn ni Adéníkẹ́ rántí ọkùnrin kan tó wọ táì. Mọ́ṣìnnì ò tètè dá a lóhùn lánàá, ọkùnrin náà sì sún mọ́ ọn, ó rọra ṣe bí ọmọ tí a tọ́ dáadáa: “Mummy, ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é.” Ó dúró tì í nígbà tó ń tẹ píìnì. Òun ló fa káàdì yọ, òun ló fi lé e lọ́wọ́. Ó tilẹ̀ ṣàdúrà fún un.

Bọ́lájí ti ń tẹ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ti àkáǹtì, ó ń béèrè èyí, ó ń béèrè tọ̀hún, Adéníkẹ́ sì ń dáhùn láìgbọ́ ohun tí ẹnu òun ń sọ. Àkáǹtì náà tì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo ohun tó kù. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án lé díẹ̀.

“Ká ní mo ṣí ti àná,” Adéníkẹ́ wí.

“Ẹ má sọ ìyẹn, Mà.”

“Ká ní mo ṣí ti àná nìkan. Ogójì péré ni ì bá lọ.”

Kò sí ẹni tó lè sọ pé irọ́ ló pa. Àlímọ̀t, tó ti tẹ̀ lé e dé, gbọ́ ọ. Ó dúró sẹ́yìn agboòrùn, ó fi ọwọ́ lé ẹnu, ó ń wo ilẹ̀. “Èmi ni mo ní kó má wò ó”: kò sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń sọ ọ́. Adéníkẹ́ kò lè bínú sí i. Ẹ̀rù ọ̀kan bí ẹ̀rù èkejì, àwọn méjèèjì sì jọ fi ojú pamọ́ fún ẹni tó ń wá kìlọ̀ fún wọn.

Ó fi ẹsẹ̀ rìn dé báǹkì ní Marina. Ọmọbìnrin tó dá a lóhùn, Christabel lorúkọ tó wà láyà rẹ̀, ṣe jẹ́jẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, ìyẹn ló sì bà á lẹ́rù jù. Ó ní kí ó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé. Adéníkẹ́ kọ ọ́, lẹ́tà ńláńlá, ó pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

“Owó náà ńkọ́, ọmọ mi? Ọ̀la ni iṣẹ́ abẹ.”

“A máa wádìí rẹ̀, Mà. Ó máa gba ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n píìnì yín gan-an ni wọ́n lò… mi ò fẹ́ parọ́ fún yín. A ti ń fi álátì ránṣẹ́ sí yín láti àná.”

“Mo mọ̀.”

Nígbà tó jáde, àwọn èèyàn ń já wọ ọkọ̀ ní CMS, ọ̀sà ń tàn lẹ́yìn wọn. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ronú ẹni tó tún lè yá òun lówó. Gbogbo ẹni tó mọ̀ ni wọ́n ti dá owó tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ sì ń ṣú lọ, ilé ìwòsàn kò ní pẹ́ pa ìwé owó dé. Fóònù dún lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ó wò ó. Títílayọ̀ ni.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú wàhálà. Nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí. Ó ní láti aago mẹ́fà, n ò gbọdọ̀ fi nǹkan kan kan ẹnu mọ́, omi pàápàá. Ebi ti ń pa mí báyìí!” Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tínínrín ti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kò tó lára. “Ẹ ti san án, àbí?”

Ọkọ̀ kan fọn fèrè, Adéníkẹ́ dúró kí ó kọjá.

“Ẹ̀gbọ́n mi? Ẹ ń gbọ́ mi?”

“Títí,” ó wí. “Títí, lọ jẹun.”