Màlúù Monínúọlá

Láti ọjọ́ tí Monínúọlá ti wọ agboolé náà ní Ìgbẹ́mọ ló ti mọ̀ pé àgbá òfìfo ni Adébíyìí, ẹ̀gbọ́n olóògbé ọkọ rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó sì ń bá gbogbo ìlú sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kíláàsì rẹ̀ ni wọ́n wà. Kò sí ohun tí kò mọ̀, àfi bí a ṣe ń dákẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí màlúù Monínúọlá ń rọbí, omi rẹ̀ ya ní aago méje. Nígbà tó di mẹ́jọ, ẹsẹ̀ méjì ti yọ, abẹ́ pátákò wọn sì kọjú sílẹ̀. Ẹsẹ̀ iwájú nìyẹn. Ti ẹ̀yìn ì bá kọjú sókè. Ṣùgbọ́n imú tó yẹ kó sùn lé wọn lórí kò sí níbẹ̀, màlúù sì ń fipá rọbí lásán. Ó ti tó wákàtí kan. Kò sí ohun tí wọ́n tún ń dúró dè; dókítà ẹran ló kù kí wọ́n pè.

Ìyàwó ilé kì í dá pe àlejò sọ́rọ̀ agboolé láìgbàṣẹ àgbà. Monínúọlá kúnlẹ̀ fún Adébíyìí, ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun ránṣẹ́ sí Olúwarótìmí, dókítà ẹran l'Ádó.

Adébíyìí rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. “Rótìmí tí mo nà ní kíláàsì kẹrin nítorí ìṣirò? Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́.”

Ó sì ní kí ọkùnrin méjì so okùn mọ́ ẹsẹ̀ náà, kí wọ́n máa fà. Monínúọlá ní kí wọ́n má fà á, ṣùgbọ́n ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ tí ìyàwó ilé fi ń sọ̀rọ̀ ló fi sọ ọ́. Wọ́n fà títí màlúù fi dùbúlẹ̀. Aago mọ́kànlá lù kí àgbà tó ní kí wọ́n lọ pe Olúwarótìmí, ó ní kó wá wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ.

Olúwarótìmí dé lórí alùpùpù, ó dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀, ó fi ọṣẹ fọ apá, ó sì tì í bọnú màlúù. Orí ọmọ náà ti yí padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà. Ó ti ọmọ náà padà sínú díẹ̀, ó fi ọwọ́ wá ẹnu rẹ̀, ó fà á yí wá síwájú, ó sì wá ń fà á bí màlúù bá ti rọbí. Ọmọ náà jáde rọ̀jọ̀rọ̀jọ̀. Ó ti kú. Ìyá rẹ̀ yè.

“Ìgbà wo lomi ti ya?”

Monínúọlá sọ fún un.

“Kí lẹ wá ń dúró dè?”

“Àṣẹ bàbá ni.”

Adébíyìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn ọkùnrin náà bóun ṣe kọ́ ọmọ yìí nílé-ìwé. Monínúọlá wò ó pẹ̀lú ẹ̀gàn tó ti fi ń wò ó láti ogún ọdún.

Olúwarótìmí ń nu apá. Kò gbójú sókè. “Màlúù ta ni, Mà?”

Monínúọlá wo ọmọ màlúù tó wà nílẹ̀.

“Tèmi ni.”