Òkúta Pupa Kò Dé Ahọ́n Yanrìn

Màmá ló kọ́kọ́ sọ pé olè ń jí yanrìn abẹ́ ilé wa. Mo rẹ́rìn-ín, nítorí Màmá a máa rí olè níbi tí ẹlòmíì ti ń rí ológbò. Àmọ́ nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí etíkun lọ́jọ́ kan tí omi fà sẹ́yìn, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Ibi tí yanrìn ti máa ń bò mí dé ọrùn ẹsẹ̀ ti di òkúta lásán.

Ilé Màmá wà lórí bèbè gíga kan tí iwájú rẹ̀ gé wálẹ̀ sínú òkun bí ògiri. Òkúta bèbè náà rọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí amọ̀ gbígbẹ. Nígbà tí yanrìn pọ̀ nísàlẹ̀, orí yanrìn ni ìgbì ti ń lo agbára rẹ̀ tán. Ní báyìí tí yanrìn ti lọ, ìdí bèbè gan-an ló ń lù. Ó ti jẹ ìdí náà wọnú, bí ẹni tó bu ìsàlẹ̀ búrẹ́dì jẹ tó fi òkè rẹ̀ sílẹ̀, orí òkè tó yọ síta yẹn sì ni yàrá Màmá wà.

Láti ojú fèrèsé rẹ̀, a máa ń rí Òpó, òkúta gíga kan tó dá dúró láàárín omi. Màmá bá a nígbà tó ṣì so mọ́ ilẹ̀. Òkun kọ́kọ́ gbẹ́ ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ihò náà lu já ó di bí ẹnu ọ̀nà, nígbà tó yá òrùlé ẹnu ọ̀nà náà wó, ó wá ku Òpó nìkan. Bàbá ọkọ rẹ̀ ti so ewúrẹ́ níbẹ̀ rí.

“Òkun fi sùúrù gba ìyẹn lọ́wọ́ wa,” ni Màmá wí. “Eléyìí ti yá jù. Ọwọ́ ènìyàn wà nínú ẹ̀.”

Gbogbo wa mọ ẹni tó ń bá wí. Ní ọwọ́ ọ̀tún ilé wa, níbi tí ilẹ̀ ti yà wọ ẹnu odò, yanrìn ò bá ilẹ̀ yà. Ńṣe ló na ara rẹ̀ tààrà sínú omi bí ahọ́n, tí ṣóńṣó rẹ̀ wá tẹ̀ wọnú díẹ̀. Ìdí ahọ́n yanrìn yìí ni Oníbúlọ́ọ̀kù ń gbé ṣiṣẹ́. Àpò sìmẹ́ǹtì rẹ̀ kì í tán, òkìtì yanrìn rẹ̀ kì í relẹ̀, ó sì máa ń kí ènìyàn pẹ̀lú ẹ̀rín jù. Èmi ò fẹ́ràn ẹni tó ń rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ láàárọ̀. Màmá ní fífi ẹ̀jẹ̀ sínú tu itọ́ funfun ni.

Bọ̀dá mi kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ orúkọ ọkùnrin náà. Ọwọ́ òsì ilé Màmá ni Bọ̀dá ti ń kan ọkọ̀ ojú omi nínú ṣẹ́ẹ̀dì rẹ̀, èmi ni mo sì ń bá a kun wọ́n lọ́dà. Láti ìgbà tó ti to ògiri òkúta kan wọnú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì níhà ilé Màmá, kí ìgbì má baà máa gbá ọkọ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀, etíkun tirẹ̀ fẹ̀ rẹpẹtẹ. A lè to ọkọ̀ bíi mélòó kan síbẹ̀ kí ọmọdé ṣì rí àyè gbá bọ́ọ̀lù. Ó máa ń ní òkun fẹ́ràn òun ni.

Ọ́fíìsì tó ń mójú tó etíkun rán obìnrin kan sí wa. Ó gbé téèpù ìwọnlẹ̀ àti ọ̀pá gígùn lọ́wọ́, la bá ń pè é ní Onítéèpù. Ó wọn etí bèbè, ó wọn ìjìnnà rẹ̀ sí ògiri yàrá Màmá, ó mi orí.

“Màmá, ẹ má sùn nínú yàrá yìí mọ́.”

“Ẹ mú olè, yanrìn á padà wá,” ni Màmá dá a lóhùn. “Mi ò ní í kó jáde nílé ọkọ mi nítorí olè.”

Onítéèpù ò bá a jiyàn. Ó mú èmi àti Bọ̀dá sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí omi, ó sì ju ìdérí ìgò kan síbi tí ìgbì ń fọ́ sí. Ìgbì fẹ̀gbẹ́ wọlé láti ọwọ́ òsì, ó gbé ìdérí náà gun yanrìn lọ sápá ọ̀tún. Omi ń padà, àmọ́ kò gba ibi tó gbà wá padà. Tààrà ló ṣàn wálẹ̀. Ìgbì mìíràn tún gbé e fẹ̀gbẹ́ gòkè, omi tún wọ́ ọ wálẹ̀ tààrà. Bó ṣe ń rìn bí ọ̀mùtí nìyẹn, gòkè, sọ̀kalẹ̀, títí ó fi kúrò níwájú wa lọ sápá ọ̀tún.

“Bí yanrìn ṣe ń rìn nìyẹn,” ló wí. “Èyí tó wà lábẹ́ ilé yín lónìí, ọ̀dọ̀ Oníbúlọ́ọ̀kù ló ń lọ. Òmíràn ló yẹ kó máa tọwọ́ òsì wá rọ́pò ẹ̀. Mo fẹ́ mọ ìdí tí kì í fi í dé.”

Mo wò ó dáadáa. Ó ń fi ẹnu sọ̀rọ̀ Oníbúlọ́ọ̀kù, àmọ́ ògiri Bọ̀dá lojú rẹ̀ ń wò. Mo sọ lọ́kàn mi pé, ẹ̀yin ará ọ́fíìsì yìí, ta ló ti bá yín sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wa?

Ó ní ká kun òkúta wẹ́wẹ́ lọ́dà, ká dà á sí etíkun, ká wo ibi tí òkun á gbé e lọ. Òkúta ò yá lẹ́sẹ̀ tó yanrìn, àmọ́ ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀. Inú Bọ̀dá dùn. Ó ní tá a bá rí òkúta wa nínú òkìtì Oníbúlọ́ọ̀kù, ọjọ́ olè pé nìyẹn. Mo kun àwọn kan ní búlúù, a dà wọ́n sí abẹ́ ilé Màmá. Mo kun àwọn kan ní pupa, Onítéèpù fúnra rẹ̀ dà wọ́n sí apá òsì ògiri òkúta Bọ̀dá. Ọ̀dà ọkọ̀ ni mo lò, èyí tí iyọ̀ òkun kì í tètè bó.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, gbogbo wa pàdé lórí ahọ́n yanrìn. Òkúta búlúù fọ́n ká síbẹ̀. Bọ̀dá fò sókè.

“Ẹ ò rí i? Olè! Yanrìn ilé ìyá mi lo fi ń gún búlọ́ọ̀kù!”

Ẹ̀rín Oníbúlọ́ọ̀kù gbẹ. “Ọkọ̀ akẹ́rù tèmi ò ní ìyẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀nà wo ló fẹ́ gbà sọ̀kalẹ̀ sábẹ́ bèbè yín? Ohun tí òkun bá gbé wá bá mi níbí ni mò ń bù. Ẹni tó ń bu omi nísàlẹ̀ odò ló máa mú orísun ẹ̀ gbẹ ni?”

“Òkúta pupa dà?” ni Onítéèpù bi wá.

Kò sí ọ̀kan ṣoṣo níbẹ̀. A wá a lábẹ́ ilé Màmá, a ò rí i. A dé ẹ̀gbẹ́ ògiri, a fi ṣọ́bìrì wú yanrìn, a ò rí i. Bọ̀dá ní Oníbúlọ́ọ̀kù ti kó gbogbo rẹ̀ sínú búlọ́ọ̀kù. Mo gbà á gbọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kọjá níwájú Oníbúlọ́ọ̀kù, ó kí mi, mi ò dá a lóhùn. Mo fi ojú tú gbogbo búlọ́ọ̀kù rẹ̀ wò bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà.

Ọ̀dà funfun ni mo ń wá ní ọjọ́ kejì tí mo fi gbé tapólì ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀dì sókè. Mo rí korobá kan tó wúwo, mo ṣí i. Òkúta pupa kún inú rẹ̀. Ọ̀dà tèmi, ojú búrọ́ọ̀ṣì tèmi. Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè pe orúkọ Bọ̀dá.

Bọ̀dá bá mi níbẹ̀. Kò purọ́.

“Ògiri ni gbogbo wọn kó jọ sí,” ló wí, tó ń wolẹ̀. “Kò sí èyí tó kọjá. Mo jù wọ́n padà sómi, òkun tún kó wọn wá síbẹ̀ kan náà. Mo wá fẹ́ lọ dà wọ́n sínú yanrìn Oníbúlọ́ọ̀kù. Mo dé ìdajì ọ̀nà, ẹsẹ̀ mi ò lọ mọ́.”

“Ẹ mọ̀, ẹ sì jẹ́ kí Màmá máa sùn síbẹ̀?”

“Tí mo bá tú ògiri, kí ni màá fi jẹun? Ta ló máa gbé ọkọ̀ wá sínú ìgbì?”

Mo gbé korobá náà rù, mo gun òkè lọ, mo gbé e kalẹ̀ níwájú Màmá. Mo sọ ibi tí mo ti rí i. Màmá mú òkúta kan, ó yí i lọ́wọ́. Gbogbo ayé ni ìyá mi máa ń fura sí, àfi ọmọ rẹ̀ ọkùnrin.

“Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà,” ló wí níkẹyìn. Ó dìde. “Gbé bẹ́ẹ̀dì mi.”

Mo rò pé ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀. Ìsàlẹ̀ ló forí lé, ó di inú ṣẹ́ẹ̀dì. Ó ní ká gbé bẹ́ẹ̀dì náà sáàárín, níbi tí Bọ̀dá ti ń kan ọkọ̀.

“Yanrìn tó wà níwájú ẹ yìí, ti abẹ́ ilé mi ni,” ló sọ fún un. “Yanrìn mi ni mo tẹ̀ lé wá. Ọjọ́ tó bá lọ, èmi náà á lọ.”

Bọ̀dá wò ó, ó wò mí. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó wọ inú omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ògiri náà, òkúta kan tẹ̀ lé òmíràn. Onítéèpù náà dé. Ó ká ṣòkòtò sókè, ó bá a gbé èyí tó wúwo. Màmá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ṣọ́ àwọn méjèèjì bóyá wọ́n á fi ọ̀kan pamọ́. Nígbà tí ògiri tán, ó gbé korobá lọ sí etí omi fúnra rẹ̀, ó da àwọn òkúta pupa náà padà.

Yanrìn iwájú ṣẹ́ẹ̀dì bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Àmọ́ òkun ti jẹ ìdí bèbè jù. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò dá, a gbọ́ ìró kan, ilẹ̀ mì. Nígbà tí a sáré jáde nínú ṣẹ́ẹ̀dì, yàrá Màmá ti lọ. Fèrèsé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ láàárín amọ̀ àti òkúta, ìgbì sì ti ń fọ̀ ọ́. Bọ̀dá kúnlẹ̀ sórí yanrìn, ó bú sẹ́kún. Màmá ò sunkún. Ó ń wo Òpó.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Oníbúlọ́ọ̀kù tó wá. Ìtìjú mú mi, mo kí i kó tó kí mi. Bọ̀dá ò lè gbójú sókè. Ọkùnrin náà na ọwọ́ sí Màmá, òkúta pupa kan ló wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

“Àárọ̀ yìí ni mo rí i lórí ahọ́n yanrìn, Màmá. Mo ní kí n mú un wá fi hàn yín. Ó ti ń kọjá.”

“Ta ló gbé e fún ẹ?” ni Màmá bi í.

“Òkun ni, Màmá.”

Màmá gba òkúta náà. Ọ̀dà rẹ̀ ti bó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fi àtàǹpàkò nù ún, ó nawọ́ rẹ̀ sí Bọ̀dá, kò sì fà á sẹ́yìn títí Bọ̀dá fi gbà á.

“Ó gba abẹ́ ilé mi kọjá,” ló wí. “Kò bá mi nílé.”