Àlàfo Kan Láàrin Adébísí àti Adékọ̀yà

Láti ọjọ́ tí Charles Olúdáre, alága Ẹgbẹ́ Ìfẹ́dàpọ̀, ti dìde ní ìpàdé oṣù kẹta ọdún 1963, tó ní kí wọ́n dáná sun gbogbo ìwé ìpàdé tó bá ti lé ní ọdún méje, ni Akínladé Adédèjì, akọ̀wé ẹgbẹ́, kò ti fọkàn tán an mọ́.

Àlàyé alága mọ́gbọ́n dání lójú àwọn yòókù. Ikán ti wọ kọ́bọ́ọ̀dù. Kò sí àyè mọ́ nínú gbọ̀ngàn wọn tó wà ní Sabon Gari, ní Kano. Ta ló sì tún ń ka ohun tí wọ́n sọ nígbà tí Hitler ń jagun? Àwọn ènìyàn mi orí, nítorí ebi ọ̀sán Sunday ti ń pa wọ́n, ẹni tébi bá sì ń pa kì í ṣe àríyànjiyàn lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Akínladé nìkan ló bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n sún un sí oṣù kẹrin, kí òun lè kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sun. Wọ́n gbà fún un.

Bí ìpàdé ṣe tú, Olúdáre fà á sẹ́yìn. "Ìwé ọdún 1952 ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, Alága."

"Tó bá dọjọ́ náà, èmi fúnra mi á bá ọ dáná sí i."

Ọkùnrin tí kò gbé àga rí nínú gbọ̀ngàn yẹn! Akínladé dé ilé, ó sọ ọ́ fún Alice, ìyàwó rẹ̀, tó ń to agolo mílíìkì tó fẹ́ gbé lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ ní Ọjà Sabon Gari.

"Ó ní ohun tó ń fi pamọ́," ni Akínladé wí. "Ìbò alága ń bọ̀ ní oṣù kẹfà. Ó fẹ́ jó ẹ̀rí."

"Haba, Bàbá Mojí! Ikán ló sọ. Ikán sì wà níbẹ̀ lóòótọ́."

"Ikán ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́lé. Kí ló dé tó jẹ́ ìsinsìnyí?"

Alice ń to agolo rẹ̀ lọ. Ó mọ ọkọ rẹ̀. Bí Akínladé bá ti ń fura sí ènìyàn, kódà kí ẹni náà kí i ní "ẹ káàárọ̀", á wo ojú ọ̀run bóyá ilẹ̀ ti mọ́ lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbò nìkan ló ń dùn ún. Bàbá rẹ̀, Josiah Adédèjì, ló ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ náà fún ọdún mẹ́rìnlá, kó tó fi í sílẹ̀ ní ìparí ọdún 1952, tó ní ojú ń dun òun. Ìlú Jos ni Akínladé ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ọdún 1956 ni iléeṣẹ́ reluwé gbé e wá sí Kano, ọdún méjì lẹ́yìn náà sì ni bàbá kú. Bàbá kò fi ilé sílẹ̀, kò fi oko sílẹ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tó gún régé nínú àwọn ìwé wọ̀nyẹn ni ogún tí Akínladé rí jẹ. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tó sì fi kọ́ ọmọ rẹ̀ títí tó fi kú ni èyí: "Tí o bá kọ ọ̀rọ̀ ìpàdé tán, má ṣe fi àlàfo sílẹ̀ lókè ibi tí alága máa fọwọ́ sí. Fi rúlà fa ìlà gba inú rẹ̀ kọjá." Akínladé kò gbàgbé rí. Bí àlàfo náà kò tilẹ̀ ju ìbú ìka kan lọ, á fa ìlà sí i.

Ní ọ̀sán Sátidé, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó lọ sí gbọ̀ngàn. Ìwé ìpàdé méje ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n nípọn, eruku bò wọ́n. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni ìwé atọ́ka wà, èyí tí Bàbá Oyèwùmí, igbákejì akọ̀wé láyé bàbá rẹ̀, fi odindi ọdún kan ṣe. Ó gé etí ìwé náà ní àkàsọ̀ àkàsọ̀, ó kọ lẹ́tà ábídí sí i. Orúkọ ènìyàn àti orúkọ ọ̀ràn ló tò síbẹ̀, ó wá kọ nọ́ńbà ìwé àti ojú ewé sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ènìyàn ìbá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni.

Akínladé ṣí lẹ́tà O. Ó rí i!

*Olúdáre, Charles: ìdádúró, Ìwé 3, ojú ewé 87. Tún wo: Ọ̀rọ̀ tí a ti parí.*

Inú rẹ̀ dùn débi pé kò ka gbólóhùn kejì dé ìdí. Ó fa Ìwé Kẹta yọ, ó ṣí ojú ewé 87, oṣù karùn-ún ọdún 1952. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ni. Olúdáre ló pariwo mọ́ akọ̀wé nínú ìpàdé, pé kò kọ ọ̀rọ̀ òun sílẹ̀ bí òun ṣe sọ ọ́. Ìpàdé ní kí wọ́n kìlọ̀ fún un. Lẹ́yìn èyí ni gbólóhùn kan tó há díẹ̀, tí lẹ́tà rẹ̀ kéré ju tòkè lọ: *A sì dá a dúró fún ọdún kan, kí ẹgbẹ́ má ṣe bá a dá sí ìnáwó tàbí òkú.* Ìfọwọ́sí alága ìgbà náà wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Ẹni tí wọ́n dá dúró rí," ni Akínladé wí sókè, "òun ló ń ṣe alága lé wa lórí!" Ó da ọ̀rọ̀ náà kọ sínú ìwé kékeré. Òun á kà á fún gbogbo ẹgbẹ́, kò ní fo ọ̀rọ̀ kan.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, ó gba àdúgbò Noman's Land lọ bá Bàbá Oyèwùmí, kí bàbá náà lè jẹ́rìí sí i. Arúgbó náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń dá ará Hausa kan tó ń kí i kọjá lóhùn pé "Lafiya lau," àlàáfíà ni. Ó gbọ́ gbogbo àlàyé Akínladé, kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

"O dé ojú ewé 87," ló wí níkẹyìn. "Ṣé o dé ibi tí mo ní kí o tún wò?"

Akínladé ní òun kò débẹ̀.

"Mo fi ọdún kan ṣe ìwé yẹn, Akínladé. Mi ò kọ 'tún wo' síbẹ̀ fún ẹwà. Padà lọ."

Ó ń rìn padà sí gbọ̀ngàn, ó ń bínú. Ó dá a lójú nísinsìnyí pé arúgbó náà àti Olúdáre ti jọ dì í. Àgbà ń bo àgbà! Ó ṣí lẹ́tà Ọ pẹ̀lú ìkanra, ó rí *Ọ̀rọ̀ tí a ti parí: Ìwé 3, ojú ewé 112.* Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀. Ó ṣí i. Oṣù kọkànlá, ọdún kan náà. Kì í ṣe ọwọ́ bàbá rẹ̀ mọ́; ọwọ́ Oyèwùmí ni.

*A fi ìwé kékeré tí igbákejì akọ̀wé fi ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nínú ìpàdé wé ojú ewé 87. Ìkìlọ̀ nìkan ni ìpàdé fún Ọ̀gbẹ́ni Olúdáre. Akọ̀wé, Ọ̀gbẹ́ni Josiah Adédèjì, jẹ́wọ́ pé lẹ́yìn tí alága ti fọwọ́ sí i ni òun fi inú bíbí kọ ọ̀rọ̀ ìdádúró sínú àlàfo tó wà lókè ìfọwọ́sí. A wọ́gi lé ìdádúró náà. Ẹgbẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Olúdáre, nítorí a kò bá a sin ìyá rẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Ó ní òun ti dárí jì wá. Àwọn àgbà pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe so orúkọ akọ̀wé mọ́ ọ̀rọ̀ yìí mọ́.*

Akínladé kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó padà sí ojú ewé 87, ó wo gbólóhùn tó há náà, ó wo lẹ́tà kéékèèké náà. Àlàfo ni bàbá rẹ̀ rí, inú rẹ̀ ló kọ ọ̀rọ̀ sí. Ìtìjú bò ó. Ó jókòó sórí àga onígi, ó sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ bàbá rẹ̀ fún.

Ní Sunday ìpàdé oṣù kẹrin, ó tètè dé. Olúdáre ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ìṣáná wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"O ti kà á," ni Olúdáre wí, nígbà tó rí ojú rẹ̀.

"Mo ti kà á, sà."

"Ariwo pọ̀ ní ìpàdé yẹn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti lọ kó tó parí. Nígbà tí ìyá mi kú, wọ́n ṣíwèé, ohun tó wà nínú ìwé ni wọ́n gbà gbọ́. Èmi àti àbúrò mi méjì péré la gbé pósí wọ ọkọ̀ reluwé." Ó ń yí páálí ìṣáná náà lọ́wọ́. "Bàbá rẹ wá dọ̀bálẹ̀ fún mi, àgbàlagbà bíi tirẹ̀. Mi ò fẹ́ kí o rí i láé. Kí n má purọ́, ó ti sú mi pẹ̀lú. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣí lẹ́tà O, ìdádúró ló ń bá níwájú orúkọ mi. Jẹ́ ká jó o."

"Mo ti fẹ́ kà á fún ẹgbẹ́ láti fi bà yín jẹ́," ni Akínladé wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Mo mọ̀. Ojú tí o fi ń wò mí láti oṣù tó kọjá ti sọ fún mi."

"Tí a bá jó o, àwọn tó gbọ́ pé a dá yín dúró ṣì wà láàyè. Ojú ewé 112 nìkan ló sọ pé irọ́ ni. Lẹ́yìn Bàbá Oyèwùmí, ẹ ò ní ẹlẹ́rìí mìíràn."

Olúdáre fi ìṣáná náà sápò.

Nígbà tí àwọn ènìyàn pé, Akínladé ka àbá rẹ̀. Ìwé ìpàdé àti atọ́ka wọn, títí láé, nínú àpótí onírin tí ikán kò lè jẹ. Ìwé ìpè sí ìpàdé àti lẹ́tà kéékèèké, ọdún mẹ́fà, lẹ́yìn náà kí wọ́n jó wọn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ kọ orúkọ gbogbo ohun tí wọ́n bá jó sílẹ̀, kí ẹni méjì sì fọwọ́ sí i. Ìwé kékeré tí wọ́n fi ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nínú ìpàdé, ọdún kan gbáko lẹ́yìn tí ìpàdé bá ti gba àkọsílẹ̀ wọlé.

"Ìwé jágbajàgba yẹn?" ni ẹnìkan béèrè. "Kí la fẹ́ fi ṣe?"

"Ó ti wúlò rí," ni Bàbá Oyèwùmí wí láti ẹ̀yìn. Olúdáre ló kọ́kọ́ nawọ́ sókè láti gbà á wọlé.

Wọ́n tú ká. Akínladé ṣí ìwé atọ́ka sí lẹ́tà A. Ó ti ń wo ojú ewé náà láti ọdún mẹ́ta tó ti ń ṣe akọ̀wé, kò sì bi ara rẹ̀ rí ìdí tí ìlà kan fi ṣófo láàrin Adébísí àti Adékọ̀yà nínú ìwé tí Oyèwùmí kò ti fi àyè ṣòfò níbòmíràn.

Ó gbé ojú sókè. Arúgbó náà dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Àwọn àgbà ní kí n má kọ ọ́," ni Bàbá Oyèwùmí wí, "mi ò sì kọ ọ́. Àyè rẹ̀ ni mo fi sílẹ̀. Gbogbo àwọn tó pàṣẹ yẹn ti kú tán."

Akínladé ti gégé bọ inú yíǹkì. Ó kọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ: *Adédèjì, Josiah, akọ̀wé: Ìwé 3, ojú ewé 87 àti 112.* Orúkọ náà kò kún ìlà náà tán. Ó mú rúlà, ó fa ìlà gba inú ìyókù àlàfo náà kọjá.