Pílásítà Ọrùn Okùn

Orí àkàbà ni mo wà ní Igbó Ẹfọ̀n, mò ń kan tẹlifíṣọ̀n ńlá mọ́ ògiri yàrá ìpàdé kan, nígbà tí Adétutù àbúrò mi fi fọ́tò ránṣẹ́. Dúrọ́ọ̀ rẹ̀ ni, okùn kún inú rẹ̀, wọ́n lọ́ mọ́ra bí ìndómì. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Sìsí mi, èwo ni ti tẹlifíṣọ̀n? Alhaja Làtífátù ti ń bọ̀ o."

Orí mi gbóná. Èmi fúnra mi ni mo fi pílásítà funfun wé ọrùn okùn kọ̀ọ̀kan lọ́dún tó kọjá, tí mo kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Mo pè é.

"Pílásítà mi dà?"

"Ẹ má bínú, a kun ọ́fíìsì, a sì tú gbogbo ẹ̀. Pílásítà yẹn ti dọ̀tí, ó ń jọ ti ẹlẹ́gbò, mo bá ṣí i kúrò."

Ẹ gbà mí. Ọmọ tí wọ́n dá dúró níbi iṣẹ́, tó wá dá ọ́fíìsì tirẹ̀ sílẹ̀ ní Addo, tó ń ya àwòrán ilé. Alhaja yìí ni oníbàárà ńlá àkọ́kọ́ tó máa ní. Bí àwòrán náà ò bá hàn lójú tẹlifíṣọ̀n, ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ni Alhaja máa gbà lọ. Inú ń bí mi sí i, àánú ẹ̀ sì ń ṣe mí.

"Má ki nǹkan kan bọ nǹkan kan," mo ní. "Tẹ́ bébà funfun sórí tábìlì, kó gbogbo ẹ̀ síbẹ̀, kí orí wọn hàn dáadáa. Ya fọ́tò míì."

Fọ́tò kejì dé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pín wọn. Olórí ike tó ní ahọ́n kékeré tó máa ń ró tá bó bá wọlé, dátà ni, ti íńtánẹ́ẹ̀tì. Èyí tí orí rẹ̀ sún mọ́ onígun mẹ́rin, dátà náà ni, ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Olórí roboto, iná ni. "Ìyẹn lè wọ ihò kó sì ba ẹ̀rọ jẹ́. Àfi kó o ka fóọ́tì tí wọ́n kọ sára ẹ̀ ná." Aláwọ̀ búlúù tó ní abẹ́rẹ́ ìlà mẹ́ta, fídíò ni, ti àtijọ́.

"Èyí tó fẹ̀ yìí ńkọ́? HDMI ni, àbí?"

"Rárá. Fídíò ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n igun kan ṣoṣo ni wọ́n gé lára ẹ̀. HDMI ti tẹlifíṣọ̀n, igun ìsàlẹ̀ méjèèjì ló tẹ̀ sínú. Òun ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ yẹn."

"Kò wọ kọ̀ǹpútà mi, Sìsí. Ihò kékeré bíi ti fóònù nìkan ló ní."

Mo padà sí fọ́tò àkọ́kọ́, mo fẹ̀ ẹ́. Nísàlẹ̀ pátápátá, nǹkan kúkúrú kan yọjú: orí bíi ti fóònù lápá kan, ihò HDMI lápá kejì. Kò sí nínú fọ́tò kejì.

"Kúkúrú yẹn dà?"

"Mo rò pé okùn ṣájà ni. Bọ̀sún tó ń kun géètì ní òun ò ní okùn ṣájà, mo bá fún un."

"Gbogbo aláǹgbá ló da ikùn délẹ̀, ìwọ ọmọ yìí. Orí ẹ̀ ló jọ ti ṣájà, fídíò ló ń gbé. Sáré!"

Mo gbọ́ sálúbàtà rẹ̀ tó ń pariwo lórí kankéré. Mo gbọ́ Bọ̀sún tó ní, "Kò kúkú wọ orí ṣájà mi, ẹ gbà á." Lẹ́yìn náà, ohùn àbúrò mi padà dé, ó ń mí hẹlẹ, ó ní òun ti ki HDMI bọ kúkúrú náà.

"Ó ti hàn, Sìsí. Ó ti hàn." Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo gbọ́ "Ẹ káàbọ̀, Alhaja," ó sì pa fóònù.

Mo ti ń kó irinṣẹ́ mi nílẹ̀ nígbà tí fọ́tò kẹta wọlé. Kúkúrú yẹn ni. Pílásítà mi wà lọ́rùn rẹ̀, ó dọ̀tí, ó wú, ìkọ̀wé mi ló wà lára rẹ̀: FÍDÍÒ. Adétutù kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Alhaja ti gbà. Inú garawa ìdọ̀tí ni mo ti lọ ṣa gbogbo pílásítà yín, ẹ wá bá mi lẹ ìyókù."