Ọ̀rọ̀ Ìfẹ́ Aago Mẹ́ta Ku Ìṣẹ́jú Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

Ẹni tó bá ní ìfẹ́ kò mọ ọ̀nà jíjìn, kó wá bá mi gbé ilé ọkọ mi fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Ọkọ mi wà lókè òkun, wákàtí mẹ́sàn-án ni aago wa fi yàtọ̀ síra. Bí mo bá ń jẹun ọ̀sán, òun ń hanrun; bí mo bá ń paná kí n sùn, òun ló kàn láti jẹun ọ̀sán. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, àwọn ará ọ̀hún á tún yí aago wọn, mẹ́sàn-án á di mẹ́jọ, mẹ́jọ á tún di mẹ́sàn-án, gbogbo ìṣirò mi á sì dàrú.

Ọdún kẹta wa rèé. Ohun tí kò jẹ́ ká ti di ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí à ń kọ síra wa lórí fóònù. Mi ò sọ "àárò rẹ ń sọ mí" o. Bí èèyàn bá ń kọ ìyẹn lójoojúmọ́, kí oṣù mẹ́ta tó pé, á ti dà bí ìgbà téèyàn ń kí onílé. Ọ̀rọ̀ tó máa ta ọkùnrin jí gbọ́dọ̀ kúrú, kó mú ohun kan pàtó dání, ẹ̀wù kan tàbí ibì kan lára, kó má sì parí. Ibi tó bá ti dùn ni kí o ti dákẹ́, kó lè fúnra rẹ̀ bi ọ́ pé, "Lẹ́yìn náà ńkọ́?" A sì ya ojú ìwé méjì sọ́tọ̀ lórí fóònù: ọ̀kan fún òrùlé tó ń jò àti ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá mi, ìkejì fún adùn nìkan. Ẹni tó bá gbé òrùlé wọnú adùn ti jẹ̀bi.

Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìdájí ni tèmi gbọ́dọ̀ dé bá a, kó tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Níbí, aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ọ̀sán nìyẹn, mo sì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ tó ń di oògùn sínú páálí ni mo wà. Ìdí ẹ̀rọ ni mo ń jókòó sí, mo ń wo àwọn sáṣẹ́ẹ̀tì tó ń kọjá, mo ń yọ èyí tí hóró oògùn kò pé nínú ẹ̀. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń yọ́ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láti kọ ọ̀rọ̀ mi. Àfìgbà tí wọ́n pàṣẹ pé kí gbogbo fóònù máa wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kí olúkúlùkù fi àgádágodo tì í. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo wá rí i pé fóònù náà lè báni tọ́jú ọ̀rọ̀, téèyàn bá yan ọjọ́ àti aago tó fẹ́ kó lọ. Látìgbà náà, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, kí n kọ mẹ́fà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Èmi náà mọ̀ pé ẹ̀tàn díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ọkùnrin náà ń dùn. Lálaalẹ́ ni èsì ẹ̀ ń dé, nígbà tó bá gba ìsinmi níbi iṣẹ́, á ní kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí òun ń jí tó mi. Bó bá ti yìn mí báyẹn, ojú á tì mí, màá sì pa ẹnu mọ́.

Ẹnì kan wà tó ń bá wa dá sí ọ̀rọ̀ náà, ẹni tí òun àti ọkọ mi jọ ń gbé yàrá kan, tí wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́. Bàbá Àgbà là ń pè é. Kò ju ọmọ ọdún méjìdínlógójì lọ, àmọ́ ó máa ń wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn, ó sì máa ń ráhùn orúnkún. Ọkọ mi máa ń ka díẹ̀ lára ọ̀rọ̀ mi sí i létí, Bàbá Àgbà á ní a ti ba etí òun jẹ́. Ni mo bá sọ ọ́ di àwàdà, mo ń fi í sínú ọ̀rọ̀ mi.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan, nígbà ìsinmi ọ̀sán, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù mi, mo sì bá ọ̀rọ̀ kan lórí ojú ìwé òrùlé. "Bàbá Àgbà ti kú." Ó ṣubú lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ tí wọ́n fi kún ti ọ̀sán fún àwọn méjèèjì ni, kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Mo pe ọkọ mi. Ohùn rẹ̀ ti gbẹ. Ó ní òun ń ti ọsibítù lọ sílé, òun fẹ́ wò ó bóyá òun á lè fẹ̀yìn lélẹ̀. Mo kí i kú ọ̀fọ̀, mo sunkún díẹ̀, aago lù, mo ti fóònù mọ́lé, mo padà sídìí ẹ̀rọ.

Nǹkan bí aago méjì àbọ̀ ló sọ sí mi lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ Ọjọ́rú. Mo rántí ẹ̀ látòkè délẹ̀: "Ṣé Bàbá Àgbà ti jí? Ní kó kọjú sí ògiri, ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí kì í ṣe fún etí àgbà. Lóru àná, mo wọ ẹ̀wù rẹ funfun yẹn sùn, kò sì sí nǹkan míì lára mi."

Ẹyin lọ̀rọ̀, wọ́n ní bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Tèmi ò tíì bọ́, mo kàn jókòó, mo ń wò ó bó ṣe ń yí lọ sétí tábìlì. Mo wo aago ògiri, mo wo sáṣẹ́ẹ̀tì, mo tún wo aago. Ìyá Ìbejì tó jókòó tì mí ní mo ti jẹ́ kí mẹ́ta tí kò pé kọjá. Mo na ọwọ́ sí ọ̀gá wa, mo ní ẹnì kan kú, mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n dé ìdí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó bi mí ta ló kú. Mo sọ fún un. Ó ní ṣé ọmọ ìyá mi ni. Mo ní rárá. Ó ní kí n ní sùúrù, ẹni tó máa gba ipò mi ń bọ̀ ní aago mẹ́ta.

Sùúrù wo? Àwọn tó ń sọ pé sùúrù ni baba ìwà ò ní ọkọ lókè òkun. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, mo dìde. Mo pa ẹ̀rọ, gbogbo èèyàn yíjú. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo bọ́ fìlà, aṣọ iṣẹ́ kọ́ mi lápá, mo fà á ya. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣi nọ́ńbà àgádágodo tẹ̀.

Ó ti lọ. Ìṣẹ́jú kan péré ló fi ṣáájú mi. Àmì búlúù méjì sì ti wà níbẹ̀: ó ti kà á.

Mo pè é kí n tó mọ ohun tí mo fẹ́ wí. Ó gbé e.

"Ìgbà wo lo kọ èyí?" ó ní.

Irọ́ wà lẹ́nu mi, ó sì dára. Mi ò pa á. "Lọ́jọ́ Sọ́ńdè," mo ní. "Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni mo máa ń kọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti tó oṣù márùn-ún."

Mo ṣàlàyé kọ́bọ́ọ̀dù, mo ṣàlàyé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi ìjalè. Mo rò ó nínú ara mi pé ó ti parí, pé ọdún mẹ́ta ti fọ́ nítorí mo ya ọ̀lẹ.

"Sọ́ńdè," ó tún wí. "Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, èmi àti Bàbá Àgbà ń bára wa jà lórí fèrèsé. Ó ní òtútù ń mú òun."

Ó ní kí n fi ẹnu ara mi ka ọ̀rọ̀ náà sí òun létí. Mo kà á, nínú yàrá kọ́bọ́ọ̀dù, pẹ̀lú aṣọ yíya lára mi. Nígbà tí mo dé ibi tí Bàbá Àgbà ti ní láti kọjú sí ògiri, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún kó tó parí. Èmi náà ń sunkún. Ó pẹ́ tí a ti sunkún létí ara wa.

"Mélòó ló kù?" ó bi mí.

"Mẹ́ta."

"Ṣé Bàbá Àgbà wà nínú ìkankan?"

"Ó wà nínú ti Fráídè. Mo ní kó bá wa paná."

Ọ̀gá wa ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ń pe orúkọ mi.

"Pa àwọn yòókù rẹ́," ọkọ mi ní. "Bí o ò bá ráyè, má kọ, mi ò ní kú. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ti Fráídè wá."

Mo pa ti Ọjọ́bọ̀ rẹ́, mo pa ti Àbámẹ́ta. Mo ti fóònù mọ́lé, mo sì tẹ̀lé ọ̀gá wa lọ sí ọ́fíìsì.